Lẹ́tà sí Màmá Ẹdẹ: báwo ni kí n ṣe béèrè àwọn tó wà nínú fọ́tò àtijọ́ yìí?

Dékẹ́mi_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àsìkò yìí o. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ mi láti inú àpótí bàbá bàbá mi. Dúdú-àti-funfun ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ti pọ́n rúsúrúsú. Àgbàlagbà méje ló wà níbẹ̀: mẹ́ta jókòó, mẹ́rin dúró lẹ́yìn wọn. Ọmọdé méjì jókòó sórí ẹní níwájú, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Etí ọ̀tún ti ṣá débi pé ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ kò hàn dáadáa. Òǹtẹ̀ onífọ́tò wà lẹ́yìn, àmọ́ ohun tí mo rí kà níbẹ̀ kò ju OSHOGBO, W. REGION lọ.

Màmá Ẹdẹ nìkan ló kù nínú àwọn àgbà tó lè mọ̀ wọ́n. Ìyàwó àbúrò bàbá bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ọmọ wọn ló máa ń ka ìwé fún wọn. Ẹnì kan ń lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀, òun ni mo fẹ́ fi lẹ́tà náà rán. Ẹ bá mi wo ohun tí mo kọ:

*Màmá mi, ẹ kú ilé. Mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá àgbà ló jókòó láàárín? Ṣé Ìyá àgbà ló wà lọ́wọ́ òsì wọn? Àwọn ọmọ méjì tó wà níwájú ńkọ́, ṣé ìbejì ni wọ́n? Ọmọ mélòó ni Bàbá bí, mélòó ló kù láyé? Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn fọ́tò náà, kí ẹ fi rán ẹni tó mú un wá padà sí mi.*

Àlàbá Háípò

Dékẹ́mi, kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, fọ́tò yẹn gan-an kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bó bá sọnù lọ́nà, kò sí òmíràn. Kò sì sóhun tí Màmá máa rí lára rẹ̀ tí wọn ò ní rí dáadáa jù lára ẹ̀dà tí a bá mú tóbi.

Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ sikáánà. Nu gíláàsì ẹ̀rọ náà kó gbẹ kí o tó dojú fọ́tò dé e, má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yan 600 dpi, kí o sì jẹ́ kó yà á ní aláwọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú-àti-funfun ni. Àwọn kan máa ń yan 1200, ṣùgbọ́n lórí fọ́tò tó ti ṣá, ojú òwú ìwé náà ló máa fi hàn ọ́, kò ní fi imú kún ojú ẹni tí imú rẹ̀ ti parẹ́. Tọ́jú rẹ̀ sí TIFF, kì í ṣe JPEG, nítorí o ṣì máa tún un ṣe.

Ìdí tí mo fi ní kó yà á ní aláwọ̀ nìyí. Ohun tó kù nínú fọ́tò tó ti pọ́n rúsúrúsú, àwọ̀ búlúù ló máa ń gbé e jáde jù. Kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àwòrán ní ìpele mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ojú tí o rò pé ó ti lọ nínú pupa lè ṣì wà nínú búlúù. Bí o bá ní ImageMagick, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, ìlà kan ti tó. B inú rẹ̀ ló dúró fún búlúù:

```
magick foto.tif -channel B -separate +channel -auto-level foto_B.png
```

Tẹ èyí tó bá jáde sórí ìwé A4, ìwé tí kò dán. Ìwé tó ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sójú àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ohun tó sì ń fà á kí wọ́n máa yí fọ́tò sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó dákẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, gé ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, kí o tún tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ ní ìwọ̀n bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sókè. Mẹ́ta lè wà lójú ìwé kan. Má jẹ́ kó ju ìyẹn lọ.

Bọ̀dé Ẹ̀gbá

Èyí tó jókòó láàárín, bàbá àgbà ni láìsí àní-àní. Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó láyé àtijọ́ nìyẹn, ẹni tó dàgbà jù ló wà láàárín, àwọn ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ lẹ́yìn. Bó sì ṣe jẹ́ dúdú-àti-funfun yẹn, kò lè kọjá 1960. O ò tiẹ̀ nílò láti béèrè méjèèjì yẹn.

Àlàbá Háípò

Bọ̀dé, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Lóòótọ́, ẹni tí wọ́n bá ń bọ̀wọ̀ fún ló máa ń wà láàárín, tí yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí aṣọ yóò bò ó dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ìyá ọmọ tuntun, ó lè jẹ́ ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì lè jẹ́ àlejò. Onífọ́tò náà ní ojú tirẹ̀: bí ẹnì kan bá sanra, ó lè fi sí etí kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè hàn.

Ti 1960 yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sítúdíò àdúgbò ṣì ń ṣe dúdú-àti-funfun ní nǹkan bí 1980 sókè, nítorí onífọ́tò lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú yàrá dúdú kan pẹ̀lú omi, oògùn tó ń gbé àwòrán yọ, àti háípò tó ń mú un dúró. Aláwọ̀ ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń gbé e lọ.

Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ló ní nǹkan gidi láti sọ. Láti 1946 ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Western Region, títí di oṣù karùn-ún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ tó fi di Western State. Nítorí náà, ẹni tó gbẹ́ òǹtẹ̀ yẹn gbẹ́ ẹ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àmọ́ kò sí onífọ́tò tó máa ju òǹtẹ̀ tó ṣì dára nù torí pé ìjọba yí orúkọ padà. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé fọ́tò náà kò ṣáájú 1946. Bó ṣe lè pẹ́ tó lẹ́yìn 1967, òǹtẹ̀ kò lè sọ ọ́.

Bí o bá fẹ́ ka ìyókù òǹtẹ̀ náà, tíńkì aláwọ̀ elése àlùkò ni ọ̀pọ̀ wọn. Sikáánà ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí o fi G, tó dúró fún àwọ̀ ewé, rọ́pò B nínú ìlà òkè yẹn. Bí ẹnì kan bá sì ti fi pẹ́ńsù tàbí báírò kọ nǹkan síbẹ̀ rí tó ti parẹ́, pa iná yàrá, kí o gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba ojú ìwé kọjá. Ojú ọgbẹ́ tí báírò dá sára ìwé máa yọ òjìji.

Rẹ̀mí Àkúrẹ́

Tèmi náà ti ṣá o, àmọ́ pupa ló yà, bí ìgbà tí wọ́n da sóbò sí i. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ti tẹ ìlà yẹn, kò mú nǹkan kan jáde. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Àlàbá Háípò

Tìrẹ yàtọ̀, Rẹ̀mí. Aláwọ̀ ni tìrẹ. Ọ̀pọ̀ fọ́tò aláwọ̀ ìgbà yẹn ni apá búlúù-mọ́-àwọ̀-ewé rẹ̀ ń kú ṣáájú, kódà nínú àpótí tí oòrùn kò dé, tó wá ku pupa. Má lo B. Lo G, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ṣẹ́kù pọ̀ sí. Kò ní ní àwọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú èèyàn máa hàn, ojú èèyàn náà la sì ń wá.

Ìyá Tèmídire

Dékẹ́mi ọmọ mi, mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo fẹ́ kí o nu gbólóhùn kan kúrò níbẹ̀ kíákíá: "Ọmọ mélòó ni Bàbá bí, mélòó ló kù láyé?" A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyàwó ilé ni Màmá Ẹdẹ, wọn ò ní jókòó sójú ọmọ ọmọ wọn kí wọ́n máa ka òkú àti alààyè ilé ọkọ wọn. Bí ìbéèrè yẹn bá wà níbẹ̀, ìdáhùn kúkúrú ni wàá gbà sí gbogbo ìyókù. Béèrè ẹni tó wà nínú fọ́tò. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ máa jáde fúnra wọn bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ.

Èkejì, torí pé ìyàwó ilé ni wọ́n, mọ irú orúkọ tí wàá gbà. Wọn ò ní pe orúkọ ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n wọlé. Àdápè ni wọ́n máa pè é. Ẹni tó bá mọ̀wé nínú wọn, Akọ̀wé. Ọmọbìnrin tó rẹwà, Ìbàdíàrán. Bàbá Kékeré, Ìyá Ọlọ́jà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé bá dé tí wọ́n ní "Akọ̀wé ni ẹni tó dúró lápá òsì," má lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé pé iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe. Bí wọ́n bá sì ní "ọkọ mi nìyẹn," má rò pé àbúrò bàbá bàbá rẹ ni wọ́n ń sọ. Gbogbo ẹni tí a bí sílé ṣáájú kí wọ́n tó wọlé ni ọkọ wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ya àtẹ ìdílé, tí wọ́n fi obìnrin kan ṣe ọkọ ìyàwó.

Dékẹ́mi_Lọ́ńdọ̀nù

Háà! Ẹ ṣeun, Mà. Báwo ni mo ṣe máa wá rí orúkọ gidi gbà nígbà náà?

Ìyá Tèmídire

Gba ẹ̀yìn wọlé. Má béèrè pé "Kí ni orúkọ rẹ̀?" Béèrè pé, "Kí ni ẹ máa ń pè é?" Lẹ́yìn náà, "Kí ni àwọn òbí rẹ̀ ń pè é? Kí ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí?" Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ nígbà yẹn, kì í ṣe àwọn ni wọ́n pè é. Béèrè oríkì rẹ̀ náà bó bá jẹ́ obìnrin, torí Àjọkẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ tí wọ́n fi ń kì í lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rántí. Èyí tó dájú jù ni, "Ìyá ta ni? Bàbá ta ni?" Ìyá Sùúrù ni gbogbo ilé máa mọ̀ ọ́n sí. Bí Sùúrù bá ṣì wà láyé tàbí tó ní ọmọ, o ti rí ẹni tó máa sọ orúkọ náà fún ọ.

Ìkẹta, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n wọlé. Ìyàwó ilé kò lè fi ojú mọ ẹni tó kú kí wọ́n tó dé. Ó lè mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n ti fi fọ́tò kan hàn án rí, kí wọ́n sọ pé "Ìyá ọkọ rẹ nìyí." Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó bá jẹun nínú abọ́ kan. Ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìdáhùn.

Lánre_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Lórí ìgbà tí wọ́n wọlé, má béèrè ọdún. Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò sọ ọdún kan láti tẹ́ ọ lọ́rùn. Fi ohun tó ṣẹlẹ̀ béèrè: ṣé wọ́n ti wọlé kí Awólọ́wọ̀ tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé (1955)? Ṣé kí a tó gba òmìnira (1960)? Ṣé nígbà ogun Bíáfúrà (1967 sí 1970)? Ṣé owó pọ́n-ùn ni wọ́n fi san owó orí wọn, àbí náírà ti dé (1973)? Méjì nínú wọn ti tó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n wọlé lẹ́yìn òmìnira, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, o ti ní ọdún méje péré láti máa wá nínú rẹ̀.

Ohun kan náà ló kan àwọn ọmọdé. "Ọmọ kejì yẹn, ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí ẹ wọlé?" Ìdáhùn yẹn máa ń sún mọ́ òótọ́ ju "ọmọ ọdún mélòó ni" lọ.

Bọ̀dé Ẹ̀gbá

Ẹ gbà mí láyè o, mo ní ọ̀kan tó ṣe kókó. Àwọn ọmọ méjì tó wọ aṣọ kan náà yẹn lè jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo! Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, onífọ́tò máa ń ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú fọ́tò kan. Dékẹ́mi, wò ó dáadáa.

Àlàbá Háípò

Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wádìí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni ìbejì náà, wọ́n máa wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ kan náà, wọ́n á sì tún wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìdajì fíìmù ni wọ́n máa ń bò, wọ́n á ya ìdajì kejì, wọ́n á wá yí i. Tàbí kí wọ́n tẹ fíìmù méjì sórí ìwé kan. Lọ́nà méjèèjì, ìlà kan máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín láti òkè dé ilẹ̀, nǹkan kan ò sì lè gba orí ìlà yẹn kọjá láìdá. Nínú fọ́tò Dékẹ́mi, èèyàn méje ló wà lẹ́yìn àwọn ọmọ náà. Ẹni tó wà láàárín jókòó sórí ibi tí ìlà yẹn ì bá gbà. Kò ṣeé ṣe.

Wo ẹní tí wọ́n jókòó lé. Bí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bá ń lọ gooro láti abẹ́ ọmọ kan dé abẹ́ èkejì, ọmọ méjì ni. Bóyá ìbejì ni wọ́n tàbí ọmọ ìyàwó méjì tí wọ́n rán aṣọ kan náà fún nígbà ọdún, Màmá Ẹdẹ nìkan ló lè sọ.

Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí: rédíò, aago ọwọ́, òdòdó orí tábìlì, ọ̀pọ̀ ìgbà ti onífọ́tò ni. Má kọ ọ́ sí lẹ́tà pé "Bàbá tó ni rédíò." Ẹni tó yá rédíò fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè wà nínú fọ́tò náà.

Ìyá Tèmídire

Kódà bó bá jẹ́ ìbejì ni wọ́n, má fi ìbéèrè ìbejì lọ Màmá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ti lọ ńkọ́? Béèrè "ta ni ọmọ yìí" lẹ́ẹ̀mejì, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Lánre_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Èyí mú mi dé ibi tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ṣìnà jù, lójú tèmi. "Ṣé Bàbá àgbà ló jókòó láàárín?" Àgbà tó fẹ́ràn rẹ, tí ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa, "bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi" ló máa dá ọ lóhùn. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa. Ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn. Ohun tí o bá rò tẹ́lẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ nílé, kí o sì wò ó bóyá ohun tí wọ́n sọ bá a mu.

"Ọwọ́ òsì" náà ò dára. Òsì ẹni tó ń wo fọ́tò ni, àbí òsì ẹni tó jókòó nínú rẹ̀? Ọmọ ọmọ tó ń kà á lè gbà á ní ọ̀nà kan, kí Màmá gbà á ní ọ̀nà kejì, ìwọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní mọ̀ láé. Fi ìwé fẹ́lẹ́ tí a lè rí òdì kejì rẹ̀ lé ẹ̀dà náà lórí, kí o fi pẹ́ńsù ya etí orí àti èjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí o kọ nọ́ńbà ńlá sínú òjìji kọ̀ọ̀kan. 1 sí 3 fún àwọn tó jókòó, 4 sí 7 fún àwọn tó dúró, 8 àti 9 fún àwọn ọmọ. Nọ́ńbà kan náà ni kí o kọ sábẹ́ ojú tí o gé jáde. Láti ìgbà náà lọ, òsì àti ọ̀tún ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Dékẹ́mi_Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti ṣe búlúù yẹn. Ojú ẹni tó wà létí, tó di 7 báyìí, ti yọ díẹ̀: ó ní fìlà, ó sì jọ pé ilà wà lójú rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni kò hàn rárá, ó ti funfun di ọ̀kan náà pẹ̀lú ògiri. Ṣé mo tún lè rí nǹkan fà yọ níbẹ̀?

Àlàbá Háípò

Rárá. Fàdákà ló ń ya àwòrán dúdú-àti-funfun. Ibi tó funfun, díẹ̀ ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń parẹ́. Aṣọ funfun á ti lọ kí ojú aláwọ̀ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Etí ló sì ń jìyà jù torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, pàápàá bí onífọ́tò ò bá fi omi fọ háípò kúrò tán. Má ṣe fún un ní ìmọ́lẹ̀ sí i ju èyí lọ. Bí o bá ń fà á, nígbà tó bá yá ohun tí kò sí níbẹ̀ ni wàá máa rí, tí wàá sì pè é ní ilà ojú.

Nípa ilà yẹn gan-an, fi ẹ̀dà tí o kò tún ṣe rárá sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o tún ṣe. Ohun tó bá wà nínú méjèèjì ni kí o gbà gbọ́.

Rẹ̀mí Àkúrẹ́

G ṣiṣẹ́ o! Ẹ ṣeun. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé mo gba ojú ọ̀nà yín, àmọ́ ṣé kí n fi lamínéètì bò ó báyìí kó má bàa tún bà jẹ́?

Àlàbá Háípò

Má dán an wò. Ooru ẹ̀rọ lamínéètì máa ń jẹ́ kí ojú fọ́tò rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yẹn títí láé, ẹnikẹ́ni ò ní lè yọ ọ́ mọ́. Fi í sínú àpòòwé pépà lásán, kí o gbé e sí ibi tó gbẹ.

Dékẹ́mi, kí èmi má gbàgbé: "ẹ kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fọ́tò" kò dára bákan náà. Ẹnu báírò máa ń tì láti ẹ̀yìn dé iwájú, tíńkì rẹ̀ sì máa ń yọ sí fọ́tò tó bá sùn lé e. Àyè wà lórí ìwé.

Lánre_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Kí ọmọ ọmọ tó ń kà á gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kó sì fi ránṣẹ́ ní Wásáàpù. Ṣùgbọ́n kó máa pe nọ́ńbà kí Màmá tó sọ̀rọ̀: "Ẹni kìíní nìyí, Màmá." Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá gbọ́ ogún ìṣẹ́jú "eléyìí... rárá, eléyìí," ìka wọn ló wà lórí fọ́tò, ìwọ ò sì rí ìka. Sọ fún un pé kó kọ ohun tí Màmá sọ gan-an, kó má ṣe túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní "Bàbá Kékeré," Bàbá Kékeré ni kó kọ, kì í ṣe orúkọ tí òun rò pé ó jẹ́.

Bọ̀dé Ẹ̀gbá

Ohun kan ṣì kù. Ẹ jẹ́ kó sọ nínú lẹ́tà náà pé kì í ṣe torí ilẹ̀ ni. Ẹni tó ń béèrè ọmọ ta ni ọmọ ta ni láti ìlú òyìnbó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rò nílé ni ogún.

Ìyá Tèmídire

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò ronú nípa ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó bá gbọ́ pé "kì í ṣe torí ilẹ̀" ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa rẹ̀. Ọmọ ọmọ ló ń kà á o, bàbá ọmọ náà á gbọ́. Sọ ìdí tí o fi ń béèrè, kí o dákẹ́.

Bọ̀dé Ẹ̀gbá

Nílé wa, dídákẹ́ ló dá wàhálà sílẹ̀, Mà.

Lánre_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ó sinmi lórí ilé. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, sọ ọ́. Bí kò bá sí, ti Ìyá Tèmídire ni kí o ṣe.

Dékẹ́mi_Lọ́ńdọ̀nù

N ò tíì mọ èyí tí màá ṣe lórí ìyẹn, màá bi bàbá mi. Mo ti tún un kọ. Ìwé náà tóbi, lẹ́tà ìwọ̀n 20, dúdú lórí funfun:

*Màmá wa Ẹdẹ,*

*Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Èmi Dékẹ́mi, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù.*

*A bá fọ́tò kan nínú àpótí Bàbá. Ìwọ̀nba èèyàn ni a mọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi lè dárúkọ àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Mo ti kọ nọ́ńbà sára ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kejì, mo sì mú ojú wọn tóbi nínú ìwé kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún.*

*Ẹ máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́: kí ni ẹ máa ń pè é? Kí ni àwọn òbí rẹ̀ ń pè é, kí sì ni oríkì rẹ̀? Ìyá ta ni, bàbá ta ni? Ṣé ẹ bá a nílé nígbà tí ẹ wọlé, àbí wọ́n fi hàn yín nínú fọ́tò ni? Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ ò bá sì fẹ́ sọ nínú ìwé, kó dúró títí màá fi délé.*

*Nígbà tí ẹ wọlé wa, ṣé Nàìjíríà ti gba òmìnira? Ṣé ogun Bíáfúrà ti bẹ̀rẹ̀?*

Ìyá Tèmídire

Ó dára báyìí. "Ìwọ̀nba èèyàn ni a mọ̀ níbẹ̀," mú un kúrò, wọ́n máa bi ọ́ pé ta ni ẹ mọ̀, ọmọ ọmọ wọn á sì dárúkọ. "Èyí tí ẹ ò bá fẹ́ sọ nínú ìwé," fi í sílẹ̀, ó gbọ́n. Àti pé ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ni Bàbá rẹ, wọn ò ní pe orúkọ rẹ̀ bó ti wù kó o béèrè tó. Bó bá jẹ́ òun ni 2, "Bàbá" lásán ni wàá gbọ́. Béèrè lọ́dọ̀ bàbá tìẹ.

Lánre_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Fi páálí méjì há àwọn ìwé náà láàárín kí ó má bàa ká. Ṣe ẹ̀dà kejì pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, kó dúró sọ́dọ̀ rẹ, kí ìwọ náà lè máa tọ́ka sí i nígbà tí ohùn wọn bá dé.